Níbo Ni Fóltì Mẹ́fà Gbà Lọ Nígbà Tí Rédíò Dé?

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bátìrì sólà mi jẹ́ 12 fóltì, rédíò kékeré tí mo fẹ́ fi gbọ́ ìròyìn sì ń lo bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, ìyẹn 6 fóltì. Wọ́n ní tí mo bá to rẹsítọ̀ méjì tó dọ́gba, wọn á pín 12 sí méjì. Mo lo 10k méjì, mítà kà 6 géérégé. Bí mo ṣe so rédíò mọ́ ọn, kò dún rárá, mítà já wá sí 0.3. Tí mo bá yọ rédíò, 6 á tún padà. Ṣé rẹsítọ̀ ayédèrú ni wọ́n tà fún mi lọ́jà ni? Láti Kubwa, Àbújá.*

Kò sí ayédèrú kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, àbúrò mi. Rẹsítọ̀ méjèèjì ń ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Mítà rẹ kò purọ́ nígbà tó kà 6, kò sì purọ́ nígbà tó kà 0.3. Ìṣirò tí wọ́n fún ọ, pé rẹsítọ̀ tó dọ́gba á pín fóltì sí méjì, ìṣirò rẹsítọ̀ méjì ni, méjì péré. Nígbà tí rédíò wọlé, nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá ọ tún ìṣirò náà ṣe.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí 6 yẹn ṣe dé ibẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré kọjá nìyẹn. Láti pósítíìfù bátìrì, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Kọ́rẹ́ntì á wọ rẹsítọ̀ òkè, á dé oríta tí o fẹ́ ti mú 6 fóltì rẹ, á wọ rẹsítọ̀ ìsàlẹ̀, á sì padà sí nẹ́gétíìfù. 10k àti 10k jẹ́ 20k, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún óòmù. Tí o bá fi èyí pín 12 fóltì, o máa rí 0.0006 ámpù, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní 0.6 mílí-ámpù. Ìwọ̀nba kọ́rẹ́ntì tó ń rìn nínú wáyà yẹn nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1827 sọ pé tí kọ́rẹ́ntì bá gba inú rẹsítọ̀ kọjá, fóltì tó máa dúró lórí rẹsítọ̀ náà ni kọ́rẹ́ntì yẹn lọ́nà iye óòmù rẹ̀. 0.6 mílí-ámpù lọ́nà 10k jẹ́ 6 fóltì. Tòkè gba 6, tìsàlẹ̀ gba 6, gbogbo rẹ̀ pé 12. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí, R1 ni tòkè, R2 ni tìsàlẹ̀:

```
V = 12 × R2 / (R1 + R2)
```

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú dání níbẹ̀ ni pé 6 fóltì yẹn kò sí ní ìpamọ́ ní oríta náà bí ìgbà tó bá wà nínú bátìrì. Kọ́rẹ́ntì tó ń kọjá ló ń dá a sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ó sì ní àdéhùn kan tó dúró lé lórí: gbogbo kọ́rẹ́ntì tó bá gba òkè kọjá ló gbọ́dọ̀ gba ìsàlẹ̀ kọjá, kí ẹnikẹ́ni má bù nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Àdéhùn yẹn gan-an ni rédíò rẹ bà jẹ́.

Kí a tó dé orí rédíò, fi rẹsítọ̀ kẹta dánwò, torí rédíò ní ìwà tirẹ̀ tó lè da ojú rú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Mú 10k mìíràn, so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ oríta, so èkejì mọ́ nẹ́gétíìfù, kó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹsítọ̀ ìsàlẹ̀. Rẹsítọ̀ kẹta yìí ni lóòdù wa, ìyẹn ohun tó ń jẹ iná. Ka mítà. Kò ní kà 6 mọ́, kò sì ní kà 3. Á kà 4.

Wo ohun tó fà á. Kọ́rẹ́ntì tó bá dé oríta báyìí ní ọ̀nà méjì láti gbà sọ̀kalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 10k. Ọ̀nà méjì tó dọ́gba tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ń gba kọ́rẹ́ntì ní ìlọ́po méjì, nítorí náà lójú bátìrì wọ́n di ẹyọ kan tó jẹ́ 5k. Àpapọ̀ ọ̀nà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kì í ṣe 20k mọ́, 10k òkè àti 5k ìsàlẹ̀ ni, ó di 15k. 12 fóltì lórí 15k jẹ́ 0.8 mílí-ámpù. Kọ́rẹ́ntì ti pọ̀ sí i láti 0.6. Gbogbo 0.8 yìí ló sì gbọ́dọ̀ gba inú rẹsítọ̀ òkè kọjá, torí kò sí ọ̀nà mìíràn láti ọ̀dọ̀ bátìrì. Òkè á wá gba 0.8 lọ́nà 10k, ìyẹn 8 fóltì. Nínú 12, 4 ló kù fún oríta.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí so sí ni rẹsítọ̀ òkè. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé lóòdù ló jẹ fóltì náà. Ẹni tó jẹ ẹ́ ni rẹsítọ̀ òkè. Lóòdù kàn bèèrè kọ́rẹ́ntì ni. Kọ́rẹ́ntì tó bèèrè gba inú rẹsítọ̀ òkè kọjá, rẹsítọ̀ òkè sì gba owó ibodè tirẹ̀ ní fóltì. Bí lóòdù bá ṣe ń bèèrè sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó ibodè á máa lé sí i, èyí tó máa dé ọwọ́ lóòdù á sì máa dín kù.

Tí o bá yọ 10k kẹta yẹn tí o fi 1k sí ipò rẹ̀, wàá rí i kedere. 10k àti 1k lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ nǹkan bíi 909 óòmù. Àpapọ̀ ọ̀nà jẹ́ 10,909 óòmù, kọ́rẹ́ntì jẹ́ 1.1 mílí-ámpù, òkè gba 11 fóltì, fóltì kan péré ló kù. Tí o bá wá fi 100k sí i, mítà á kà nǹkan bíi 5.7, tí o fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Lóòdù tó ní óòmù púpọ̀ kì í bèèrè nǹkan púpọ̀, kò sì ní fa oríta sílẹ̀. Èyí tí óòmù rẹ̀ kéré ni alájẹkì.

Ó ti tó àkókò láti mú rédíò wọlé. Rédíò kékeré bí irú tìrẹ lè máa jẹ nǹkan bíi 60 mílí-ámpù ní 6 fóltì tí ohùn rẹ̀ bá wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Iye ti tìrẹ gan-an, mítà rẹ ló máa sọ ọ́: fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin sínú rẹ̀, yí mítà sí ojú kọ́rẹ́ntì, kí o sì fi í sí àárín ọ̀kan nínú wáyà bátìrì náà. Ká mú 60 yẹn fún ìṣirò wa. Bi ara rẹ léèrè pé, kọ́rẹ́ntì mélòó ni rẹsítọ̀ òkè rẹ lè jẹ́ kó kọjá, ká tiẹ̀ ní ohun tó burú jù ṣẹlẹ̀, tí oríta kan nẹ́gétíìfù gbágá? 12 fóltì lórí 10k: 1.2 mílí-ámpù. Òpin rẹ̀ nìyẹn. Rédíò ń fẹ́ 60, ẹni tó fẹ́ bọ́ ọ kò lè mú ju 1.2 wá láé, ìyẹn ìdá kan nínú àádọ́ta. Kò sí bí rédíò ṣe máa dún.

0.3 tí o rí náà bá ìṣirò mu. Tí oríta bá wà ní 0.3, 11.7 fóltì ló wà lórí rẹsítọ̀ òkè, kọ́rẹ́ntì rẹ̀ sì jẹ́ 1.17 mílí-ámpù. Rẹsítọ̀ ìsàlẹ̀ mú 0.03 nínú rẹ̀, rédíò kó gbogbo ìyókù. Tí rédíò bá jẹ́ rẹsítọ̀ lásán tí óòmù rẹ̀ kò yí padà, 60 mílí-ámpù ní 6 fóltì á jẹ́ 100 óòmù, mítà ì bá sì kà 0.12. Àmọ́ ìyípo inú rédíò kì í jẹ iná bó ṣe yẹ tí fóltì bá ti rẹlẹ̀ jù, ìdí nìyẹn tó fi dúró sí 0.3 dípò 0.12. Mo sọ èyí kí o má bàa rò pé ìṣirò kùnà nígbà tí iye tó wà lójú mítà kò bá bá ti inú ìwé mu pátápátá.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ń gbà ṣírò rẹ̀. Léon Charles Thévenin, ẹnjiníà telégíráàfù ní ilẹ̀ Faransé, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1883, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Helmholtz ará Jámánì ti sọ irú rẹ̀ ní 1853. Ó ní ẹni tó bá dúró sí oríta kò nílò láti mọ̀ bóyá bátìrì àti rẹsítọ̀ méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè kà á sí bátìrì kan ṣoṣo tó ní rẹsítọ̀ kan níwájú rẹ̀. Fóltì bátìrì náà ni iye tí mítà kà nígbà tí lóòdù kò sí, tìrẹ jẹ́ 6. Rẹsítọ̀ náà ni tòkè àti tìsàlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tìrẹ jẹ́ 5k.

Tún ti àtẹ̀yìnwá ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Lóòdù 10k: 6 lọ́nà 10, pín in sí 15, ó jẹ́ 4. Lóòdù 1k: 6 pín sí 6, ó jẹ́ 1. Bákan náà ló rí, iṣẹ́ rẹ̀ sì dín kù. Láti ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé lóòdù tó bá jẹ́ 5k á gé fóltì rẹ sí ìdajì, á di 3. 5k kò wọ́pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n 4.7k pọ̀, fi í sí i, mítà á kà nǹkan bíi 2.9.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní ìparí láìnì iná àdúgbò. Wáyà láti ibi tiransifọ́mà dé ilé tó kẹ́yìn ní óòmù tirẹ̀, ó kéré, àmọ́ ó wà. Lọ́sàn-án tí kò sẹ́ni nílé, 220 á pé. Lálẹ́ tí oníkálukú bá tan áyọ̀ọ̀nù àti ẹ̀rọ amúlétutù, kọ́rẹ́ntì ńlá á gba inú wáyà yẹn, wáyà á gba tirẹ̀, gílóòbù ilé ìkẹyìn á sì di pípọ́n. Kò sí ẹni tó jí fóltì.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún, torí ó lè tàn ọ́ jẹ lọ́jọ́ iwájú: mítà rẹ gan-an, lóòdù ni. Ọ̀pọ̀ mítà kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà jẹ́ mílíọ̀nù óòmù kan lójú fóltì, ọ̀pọ̀ èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá. Lórí 10k méjì rẹ, mílíọ̀nù kan kò já mọ́ nǹkan kan, oríta á kàn wá sílẹ̀ láti 6 sí 5.97. Ká wá ní o fẹ́ ṣọ́ bátìrì ná, tí o ronú pé rẹsítọ̀ ńlá ni kí o lò kí kọ́rẹ́ntì má bàa ṣòfò, tí o sì mú mílíọ̀nù óòmù kan méjì. Mítà olówó pọ́ọ́kú á kà 4 fóltì dípò 6. Mítà mílíọ̀nù mẹ́wàá á kà 5.7. Tí mítà méjì bá ń kà ohun tó yàtọ̀ síra lórí oríta kan náà, àmọ́ tí wọ́n fẹnu kò lórí bátìrì fúnra rẹ̀, má tíì sọ pé ọ̀kan ti bàjẹ́. Wo iye óòmù tó wà lẹ́yìn oríta ná.

Mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ lọ́kàn báyìí: kí a kúkú lo rẹsítọ̀ kékeré, kí kọ́rẹ́ntì lè pọ̀ tó. Lórí ìwé, òótọ́ ni. Àṣà àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ ni pé kí kọ́rẹ́ntì tó ń gba rẹsítọ̀ ìsàlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti lóòdù, kí lóòdù má bàa fa oríta sílẹ̀ púpọ̀. Rédíò ń fẹ́ 60 mílí-ámpù, ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gba 600. 6 fóltì lórí 0.6 ámpù jẹ́ 10 óòmù. Òkè á gbé 600 àti 60 pọ̀, 660, óòmù rẹ̀ sì di 9.1.

Wá ṣírò ooru rẹ̀. Wáàtì ni fóltì lọ́nà kọ́rẹ́ntì. Òkè: 6 lọ́nà 0.66, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 4. Ìsàlẹ̀: 6 lọ́nà 0.6, 3.6 wáàtì. Rédíò fúnra rẹ̀, tí o tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí, ń jẹ 0.36 wáàtì. Rẹsítọ̀ kékeré onílà aláwọ̀ mẹ́rin tí o rà jẹ́ ìdá mẹ́rin wáàtì kan. Tí o bá fi irú rẹ̀ síbẹ̀, kí o tó yí rédíò sí ibi tí o fẹ́, èéfín ti yọ, kíkùn ara rẹ̀ ti dúdú. O máa nílò àwọn funfun onísímẹ́ńtì ńláńlá ti wáàtì 10, wọn á sì máa gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè gbà á.

Bátìrì náà ńkọ́? Ká ní 12 fóltì 7 ámpù-wákàtí ni. Rédíò nìkan, ní 60 mílí-ámpù, ó lè lò ó ju wákàtí 100 lọ lórí ìwé. Pẹ̀lú rẹsítọ̀ méjì yẹn, nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá ni, bóyá rédíò ń dún o tàbí kò dún, torí rẹsítọ̀ kì í sinmi. Sólà rẹ á máa fi oòrùn ọ̀sán se símẹ́ńtì.

Ká tiẹ̀ fara mọ́ gbogbo ìyẹn, fóltì náà kò ní dúró sójú kan. Lẹ́yìn oríta 9.1 àti 10 yẹn, 4.8 óòmù ló kù gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Thévenin, fóltì tí lóòdù kò bá sí sì jẹ́ 6.3. Tí rédíò bá ń jẹ 60, ó di 6.0. Yí ohùn sókè kó máa jẹ 120, ó di 5.7. Ìyẹn ṣì dára. Ṣùgbọ́n tí sólà bá ń rọ iná sínú bátìrì lọ́sàn-án, bátìrì kì í dúró sí 12, ó lè dé 14.4. Rẹsítọ̀ kò mọ̀ pé 6 lo fẹ́. Ìpín ló mọ̀, á sì pín 14.4 bó ṣe pín 12. Oríta á gòkè kọjá 7. Èyí ni ìdí tí mo fi máa ń kọ̀ jálẹ̀ pé kí wọ́n má fi pínpín-fóltì, ìyẹn rẹsítọ̀ méjì tó ń pín fóltì báyìí, bọ́ ẹ̀rọ, kódà níbi tí ooru kò bá jẹ́ ìṣòro.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n á gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o yọ tìsàlẹ̀ dànù, kí o fi ẹyọ kan sí iwájú rédíò. 100 óòmù, 60 mílí-ámpù, 6 fóltì á jókòó lórí rẹ̀, ó parí. Ó ń ṣiṣẹ́, títí dìgbà tí o bá yí ohùn sílẹ̀. Tí rédíò bá jẹ 20 mílí-ámpù, 2 fóltì péré ni rẹsítọ̀ á gbà, rédíò 6 fóltì á sì máa wo 10 lójú. Àwọn kàpásítọ̀ kékeré inú rẹ̀ tí wọ́n kọ 6.3V tàbí 10V sí lára kò ní pẹ́ wú. Gílóòbù tàbí LED tí kọ́rẹ́ntì rẹ̀ kì í yí padà lè gba irú rẹsítọ̀ bẹ́ẹ̀. Rédíò kò lè gbà á.

Ohun tí yóò ṣe é fún ọ ni régúlétọ̀. Wá 7806, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, dúdú, tó ní irin lẹ́yìn. Nọ́mbà méjì ìkẹyìn ni fóltì tó ń gbé jáde. Tí ojú tí wọ́n kọ nǹkan sí bá kọjú sí ọ, tí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ni 12 ń gbà wọlé, ti àárín ni nẹ́gétíìfù, ti ọ̀tún ni 6 ń gbà jáde. Fi kàpásítọ̀ 0.33 máíkírò-fárádì sí àárín ẹsẹ̀ òsì àti nẹ́gétíìfù, 0.1 sí àárín ẹsẹ̀ ọ̀tún àti nẹ́gétíìfù, kí wọ́n súnmọ́ ara régúlétọ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí rẹsítọ̀ rẹ ni pé ó ń wo fóltì tó ń gbé jáde ní gbogbo ìgbà. Tí lóòdù bá fẹ́ fà á sílẹ̀, á ṣí ara rẹ̀ sí i. Tí lóòdù bá dín, á pa ara rẹ̀ dé díẹ̀. Yálà bátìrì wà ní 12 tàbí 14.4, 6 lo máa rí. Fúnra rẹ̀, ó ń jẹ mílí-ámpù mélòó kan péré. Ooru rẹ̀ lórí rédíò rẹ jẹ́ nǹkan bíi ìdajì wáàtì, ó lè gbóná lọ́wọ́, àní nínú ooru Àbújá, ṣùgbọ́n kò nílò irin ìtutù.

O máa rí àwọn pátákó kékeré kan lọ́jà pẹ̀lú, tí wọ́n ń sọ 12 di fóltì tí o bá yí sí, tí iná tí wọ́n ń fi ṣòfò kò sì pọ̀. Fún fóònù àti nǹkan tó ń jẹ iná púpọ̀, wọ́n dára ju 7806 lọ. Fún rédíò, mo yàn 7806. Àwọn pátákó yẹn ń tan iná wọn, wọ́n ń pa á, ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ariwo rẹ̀ sì máa ń wọ inú AM. Tí o bá jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn lórí AM, hùn-ún-ùn yẹn lè bo sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Tí o bá kúkú ra ọ̀kan, yí i sí 6 pẹ̀lú mítà kí rédíò tó kan án. Èyíkéyìí tí o bá lò, fi fíúùsì ámpù kan sí ẹnu pósítíìfù bátìrì. Bátìrì sólà lè mú wáyà pọ́n tí wọ́n bá kan ara wọn.

Àwọn 10k rẹ, má jù wọ́n nù. Iṣẹ́ tí pínpín-fóltì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni kó máa ròyìn fóltì fún ohun tí kì í bèèrè kọ́rẹ́ntì. Ká ní lọ́la o fẹ́ kí Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, máa ṣọ́ bátìrì sólà rẹ. Ojú tó fi ń ka fóltì kò gbọ́dọ̀ rí ju 5 lọ, nítorí náà 10k méjì rẹ tó ń gbé 6 jáde lè bà á jẹ́. To mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn sókè, kí wọ́n jẹ́ 30k, fi ẹyọ kan sísàlẹ̀. Nígbà tí bátìrì bá wà ní 12, oríta á wà ní 3. Ní 14.4, á wà ní 3.6. Óòmù tó wà lẹ́yìn oríta jẹ́ 7.5k. Àwọn tó ṣe ọpọlọ Arduino Uno, ATmega328P, sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí orísun fóltì tí wọ́n bá so mọ́ ojú yẹn jẹ́ 10k tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó bọ́ sí i. Kọ́rẹ́ntì tó ń jẹ lára bátìrì rẹ jẹ́ nǹkan bíi 0.3 mílí-ámpù. Ohun tí Arduino bá kà, sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi mítà wọn bátìrì kí o fi ṣàtúnṣe iye mẹ́rin náà, torí rẹsítọ̀ tó ní ìlà aláwọ̀ wúrà lára lè fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sí i.